"Géèmù Kan Ṣoṣo Ló Já Mi": Ohun Tí Tíkẹ́ẹ̀tì Gígùn Ń Gbà Lọ́wọ́ Wa

Lálẹ́ Sátidé kan, àbúrò mi wọlé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó yá, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Géèmù kan ṣoṣo. Géèmù kan péré ló já tíkẹ́ẹ̀tì mi."

Mo wò ó lóòótọ́. Géèmù 10 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. 9 ti wọlé, àwọ̀ ewé ló wà níwájú wọn. Ìkẹwàá nìkan ló pupa: ẹgbẹ́ tó yẹ kó jẹun nílé ara rẹ̀ lọ gbá ọ̀mì. ₦5,000 ni bọ̀bọ́ yìí fi ta á, owó tí màmá wa fi ránṣẹ́ pé kó fi ra ìwé. Ọ́ọ̀dì géèmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.25, àwọn tí àwọn ọmọ ìta máa ń pè ní "géèmù tó dájú". Ká ní gbogbo ẹ̀ wọlé ni, ₦46,566 ni ì bá gbà.

Ohun tó sọ tẹ̀lé e ló mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ báyìí. Ó túmọ̀ sí pé mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dáa."

Kò kù díẹ̀ rárá o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé mo fẹ́ wàásù: rárá. Mo ti ta tẹ́tẹ́ rí nígbà tí mo wà ní Yunifásítì, mo mọ bó ṣe ń dùn tí góòlù bá wọlé ní ìṣẹ́jú 89. Físíìsì ni mò ń kà fún másítà báyìí, iṣẹ́ mi kì í ṣe láti sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe máa ná owó ẹ̀. Èrò tèmi ni pé tíkẹ́ẹ̀tì gígùn ni ọjà tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, òun náà sì ni ọjà kan ṣoṣo tí wọn ò kọ iye rẹ̀ sára ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó rà á, àmọ́ kó mọ iye tó ń san.

Ibo ni iye náà wà? Inú ọ́ọ̀dì ló sá pamọ́ sí. Ẹ ronú nípa owó ẹyọ tí a jù sókè. Orí tàbí ìrù, dọ́gbadọ́gba ni. Tí èmi àti ẹ̀yin bá ń ta á láàárín ara wa, tí ẹ fi ₦100 sílẹ̀, ₦200 ló yẹ kẹ́ ẹ gbà tẹ́ ẹ bá jẹ. Ọ́ọ̀dì 2.00 nìyẹn. Ṣùgbọ́n onílé tẹ́tẹ́ kò ní kọ 2.00 láé. 1.90 ló máa kọ. Ẹ wo ófà 2.5 àti ọ́ńdà 2.5 nínú géèmù tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ bó ṣe máa rí, ẹ ó rí nǹkan tó sún mọ́ 1.90 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá fi ₦100 sí ẹ̀gbẹ́ kìíní, kẹ́ ẹ fi ₦100 sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ₦200 ló jáde lápò yín, ₦190 ló sì máa padà. ₦10 ti wọlé lọ fún onílé. Nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦5 jẹ́ tiẹ̀.

Ẹ lè fi ojú ara yín wò ó lórí géèmù èyíkéyìí. Ká ní wọ́n fún ẹgbẹ́ ilé ní 2.10, ọ̀mì ní 3.30, ẹgbẹ́ àlejò ní 3.40. Ẹ fi ọ́ọ̀dì kọ̀ọ̀kan pín 1, kẹ́ ẹ ro wọ́n pọ̀:

```
1/2.10 + 1/3.30 + 1/3.40 = 0.476 + 0.303 + 0.294 = 1.073
```

Tí kò bá sí owó onílé níbẹ̀, 1 géérégé ló yẹ kó jẹ́. Ohun tó bá lé lórí 1 ni tiẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ₦100 tí ẹ bá ta á máa padà bíi ₦93 ní ìpíndọ́gba. Ẹ kíyè sí "ní ìpíndọ́gba" yẹn. Lọ́jọ́ kan ẹ ó jẹ, lọ́jọ́ kejì ẹ ó pàdánù, àmọ́ tí ẹ bá ta á ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa fara balẹ̀ sí.

₦5 lórí ₦100 ò pọ̀. Tó bá mọ síbẹ̀ ni, mi ò ní kọ nǹkan kan. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá so géèmù mọ́ géèmù.

Tíkẹ́ẹ̀tì gígùn kì í ṣe tẹ́tẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ẹ fi owó ta géèmù àkọ́kọ́. Tó bá wọlé, wọ́n á kó gbogbo owó náà, owó yín pẹ̀lú èrè, lọ fi ta ìkejì. Tó bá tún wọlé, gbogbo ẹ̀ lọ sí ìkẹta, títí dé òpin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ọ̀dì di púpọ̀. Bí ọ́ọ̀dì ṣe ń lọ sókè lọ́nà yìí ni gbogbo èèyàn ń rí. Ṣùgbọ́n onílé tẹ́tẹ́ wà ní ẹnu ọ̀nà géèmù kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú ₦5 nínú gbogbo ₦100 tó bá kọjá, ó ń mú un lórí owó yín, ó tún ń mú un lórí èrè tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn.

Ẹ rò ó bí ọkọ̀ dánfó tó ń lọ láti Ìyànà Ìpájà dé Òṣòdì. Tí agbèrò bá gba owó lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì, dírẹ́bà á ráhùn díẹ̀, á máa lọ. Tí agbèrò bá wà ní gbogbo bọ́sí-sitọ́ọ̀bù 10, tí kálukú sì ń gba ìdá kan nínú gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. ₦100 á di ₦95 lẹ́yìn àkọ́kọ́, ₦90.25 lẹ́yìn ìkejì, bíi ₦77 lẹ́yìn ìkarùn-ún. Tó bá fi máa dé ìkẹwàá, ₦59.87 ló kù. Agbèrò ti jẹ ₦40.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìṣirò lásán ni èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi èèyàn sí i. Ká mú géèmù 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí owó ẹyọ, 1.90 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀nà 1,024 ni a lè gbà kọ tíkẹ́ẹ̀tì géèmù 10 yìí, nítorí 2 lọ́nà 10 ni. Ẹ jẹ́ kí èèyàn 1,024 wọ ṣọ́ọ̀bù, kí olúkúlùkù fi ₦100 ta ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ ohun tí ẹlòmíì kọ. Lẹ́yìn géèmù, ẹnì kan pàtó ló máa jẹ, kò ní ju ẹyọ kan lọ, kò sì ní dín. Ṣọ́ọ̀bù ti gba ₦102,400. Tí wọ́n bá sọ 1.90 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 613.1 ni ọ́ọ̀dì, nítorí náà wọ́n á ka ₦61,310 fún olóríire náà. ₦41,090 kù nínú dúrọ́ọ̀.

Ká ní àwọn èèyàn 1,024 kan náà wọlé, tí olúkúlùkù fi ₦100 rẹ̀ ta géèmù kan ṣoṣo ńkọ́? Ká ní ìdajì mú ófà, ìdajì mú ọ́ńdà. Èèyàn 512 máa jẹ, wọ́n á gba ₦190 kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦97,280. ₦5,120 ló kù fún ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn kan náà, owó kan náà, ọ́ọ̀dì kan náà, àmọ́ èrè onílé di ìlọ́po mẹ́jọ nítorí pé wọ́n so géèmù pọ̀.

Ẹni tó jẹ ₦61,310 yìí máa ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì yẹ kó dùn. Kò mọ̀ pé ₦102,400 ni tẹ́tẹ́ tí kò ní agbèrò ì bá san fún òun. Ẹni tó jẹ ló san owó ẹnubodè tó pọ̀ jù lọ, a sì ń kí i kú oríire.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Tiẹ̀ kì í ṣe owó ẹyọ, géèmù "tó dájú" ló mú. Tí ọ́ọ̀dì bá jẹ́ 1.25, tí onílé sì ti yọ 5 lórí 100 tiẹ̀, ó túmọ̀ sí pé irú géèmù bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé bíi ìgbà 76 nínú 100. Ìyẹn dáa. Ẹnikẹ́ni tó bá rí 76 nínú ìdánwò, A nìyẹn. Àmọ́ kí 10 wọlé papọ̀, 0.76 gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun tó sì kù ni 0.064. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì 100 bíi tiẹ̀, bíi 6 ló máa jẹ.

Ibi tó ti wá dùn ún gbọ́ rèé. Mo ṣírò iye tíkẹ́ẹ̀tì tí géèmù kan ṣoṣo máa já. 20 nínú 100 ni. Èyí tí géèmù méjì máa já jẹ́ bíi 29. Ẹ rí i báyìí: "géèmù kan ṣoṣo ló já mi" ń ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tí èèyàn ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá ro kan àti méjì pọ̀, ó sún mọ́ ìdajì gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà nígbà tí àbúrò mi ní ó kù díẹ̀, bí irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe máa ń rí gan-an ló rí. Kò fi hàn pé ó mọ bọ́ọ̀lù, kò sì fi hàn pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá di ojú tó mú ẹgbẹ́ ńlá 10 á máa rí i léraléra. Mo gbà pé ohun tó ń fa àwọn èèyàn padà sí ṣọ́ọ̀bù ju owó lọ ni "ó kù díẹ̀" yìí, torí ó ń ṣe wá bí ẹni pé a ń kọ́ iṣẹ́, tí ọwọ́ wa ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo bi í pé, "Èló lo rò pé o san fún tíkẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"₦5,000 náà ni."

Mo ní rárá. Tí a bá fi ìṣeéṣe 0.064 sọ ₦46,566 di púpọ̀, bíi ₦2,990 ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn tó. Ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú tó tẹ bọ́tìnnì, kí bọ́ọ̀lù kankan tó yí, ó ti san nǹkan bíi ₦2,000 fún onílé. Ká ní ₦500 ló fi ta ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú géèmù 10 náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ₦250 ni owó onílé ì bá jẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. ₦500 lórí ọ́ọ̀dì 1.25, èrè ₦125 ni mo fẹ́ fi ṣe kí ni?"

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, géèmù 9 rẹ̀ wọlé. 9 lọ́nà ₦625 jẹ́ ₦5,625. Ì bá ti jókòó sórí ibùsùn mi pẹ̀lú èrè ₦625 àti owó ìwé rẹ̀. Kò fèsì. Àmọ́ ní tòótọ́, ohun tó ń rà kì í ṣe ₦625. Ó ń ra àlá ₦46,000, kò sì sí ibòmíì tí wọ́n ti ń ta irú àlá bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní ₦5,000. Mi ò lè sọ pé àlá ò níye lórí. Mo kàn ń sọ pé ₦2,000 ni iye rẹ̀, ẹni tó ń rà á ò sì mọ̀.

Àwọn ìbéèrè mìíràn tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ nípa tẹ́tẹ́ jù mí lọ wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé onílé kì í pín owó rẹ̀ dọ́gba: ó máa ń mú púpọ̀ lórí ẹgbẹ́ tí kò lókìkí, kó sì mú díẹ̀ lórí ẹgbẹ́ ńlá. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1949 ni onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Gírífíìtì ti ṣàkíyèsí irú nǹkan yìí nínú ìdíje ẹṣin ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí agbèrò orí ọ́ọ̀dì 1.25 máa gba ₦3 dípò ₦5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ₦74 ló kù nínú ₦100. Ó sàn ju ₦60 lọ, àmọ́ ₦26 ṣì ti lọ.

Ìkejì ni bónọ́ọ̀sì. "Wọ́n ń fi 20 lórí 100 kún un tó o bá mú géèmù 10!" Ẹ jẹ́ ká fi kún un nígbà náà. ₦59.87 pẹ̀lú ìdá 20 á di bíi ₦72. Kí bónọ́ọ̀sì tó lè dá gbogbo owó agbèrò padà lórí géèmù 10, ó gbọ́dọ̀ tó 67 lórí 100. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ṣètò bónọ́ọ̀sì náà: ó ń pọ̀ sí i bí géèmù bá ṣe ń pọ̀ sí i. Kò sí ọlọ́jà tó ń fi ẹ̀dínwó fa èèyàn lọ sídìí ọjà tí òun ò jèrè lórí ẹ̀.

Ìkẹta ló lágbára jù. Ìsọdipúpọ̀ kò mọ ẹni tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mọ géèmù ju onílé lọ, tí ₦100 yín máa ń padà bíi ₦105 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, géèmù 10 á sọ ọ́ di ₦163. Tíkẹ́ẹ̀tì gígùn á wá di ọ̀rẹ́ yín. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ jẹ́? Ẹ má wo iye ìgbà tí ẹ jẹ. Ẹ kọ ọ́ọ̀dì tí ẹ gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ọ̀dì géèmù kan náà nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí wọ́n fọn fèrè. Tí ọ́ọ̀dì tiyín bá máa ń ga ju ti ìkẹyìn lọ dáadáa, lórí ọ̀pọ̀ géèmù, ó lè jẹ́ pé ẹ mọ nǹkan. Mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ṣe é. Ẹnì kankan nínú wọn ò kọ ọ́ kọjá ọ̀sẹ̀ kejì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mò ń sọ ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ìpínlẹ̀ Nẹ̀fádà ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ iye tí àwọn onílé tẹ́tẹ́ ibẹ̀ ń jẹ síta láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ya káàdì tẹ́tẹ́ alásopọ̀ sọ́tọ̀. Lórí bọ́ọ̀lù tiwọn lápapọ̀, bíi 5 sí 6 lórí 100 ló ń kù sọ́wọ́ onílé. Lórí káàdì alásopọ̀, nǹkan bíi 30 lórí 100 ni.

Níbí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ìjọba dá sí i, kì í sì í ṣe láti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ní November 22, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, kì í ṣe ti àpapọ̀. Ó túmọ̀ sí pé Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti àwọn yòókù lè pàṣẹ ohun tó gbọ́dọ̀ wà lójú tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Bìrìtìnì, òfin ní kí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ fi hàn èèyàn iye tó ń dá padà lórí 100. Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà tó ṣírò "₦46,566" fún àbúrò mi kò ní ṣe ju ìsọdipúpọ̀ kan sí i lọ kó tó kọ "iye tó ń padà lórí ₦100: ₦60" sí abẹ́ ẹ̀. Onílé máa ní òun ò mọ ìṣeéṣe gidi. Ṣebí òun ló kọ ọ́ọ̀dì gbogbo ẹ̀gbẹ́ géèmù náà. Ìṣirò tí mo ṣe lókè, òun náà lè ṣe é.

Mo fi gbogbo ẹ̀ han àbúrò mi lórí ẹ̀yìn ìwé kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó tún 0.76 sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù, bóyá mo ń parọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ sí àpò ẹ̀yìn, ó mú ìwé kékeré kan tó ti rún jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la lèyí. Géèmù 14 ni. Ẹ bá mi ṣírò tiẹ̀ náà."

Mo ṣe é. ₦49 lórí ₦100.

Ó wo iye náà, ó ká ìwé náà pọ̀, ó tún fi í sápò. "Mo ti san án tẹ́lẹ̀ ṣá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wo géèmù."

A wò ó. Kẹrin já a.